Ṣé mo lè ra àdánù ẹlòmíràn kí owó-orí mi lè dín kù?

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Hiúsítìn ni mo wà, mo ń kó oúnjẹ ilẹ̀ wa wọlé, mo sì ń tà á fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Ilé-iṣẹ́ mi ń jèrè tó $150,000 lọ́dún báyìí, owó-orí rẹ̀ sì ń dùn mí wọra. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bẹ́kárì tí kò rọ́wọ́ mú. Ó ní àdánù $400,000 wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà, pé kí n ra gbogbo rẹ̀ ní $60,000, àdánù yẹn á sì máa gba owó-orí mi dúró fún bí ọdún mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni?*

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ajé. Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Àdánù ilé-iṣẹ́ a máa dín owó-orí ọdún tó ń bọ̀ kù lóòótọ́, nígbà tó bá jẹ́ pé ẹni tó jìyà àdánù náà ló ń lò ó. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ilẹ̀kùn yẹn á kù fín-ín. Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, bí mo ṣe ṣírò ó, ohun tí wàá lè yọ nínú $400,000 yẹn kò ju nǹkan bí $2,100 lọ lọ́dún. Owó-orí tí ìyẹn á gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ $441. Wàá rí i láìpẹ́ bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ilé-iṣẹ́ tìrẹ wò ó, bí ẹni pé kò sí bẹ́kárì kankan. Ká ní ọdún 2022 lo bẹ̀rẹ̀. O ra fìríìsà, o san owó ilé ìkẹ́rù-sí, kọ̀ntéénà kan pẹ́ ní èbúté títí iṣu inú rẹ̀ fi rà, o sì pàdánù $90,000 lọ́dún náà. Ní 2023, ó sàn díẹ̀, àdánù rẹ jẹ́ $30,000. Ọdún méjèèjì yìí, o kò san owó-orí lórí èrè, nítorí èrè kò sí. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fún ọ ní kọ́bọ̀ padà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí o kọ $120,000 yẹn sílẹ̀, kí o gbé e rìn.

Ní 2024 o wá jèrè $100,000. Owó-orí ìjọba àpapọ̀ lórí èrè ilé-iṣẹ́ oníru C bíi tìrẹ, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń san owó-orí tirẹ̀, jẹ́ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà $21,000 ni ò bá san. Ibí yìí ni àdánù ti wúlò. Ṣùgbọ́n o kò lè fi pa gbogbo èrè náà rẹ́: òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá 2017 sọ pé àdánù tó ṣẹlẹ̀ láti 2018 síwájú kò gbọ́dọ̀ yọ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ọdún tí o ń lò ó sí. Wàá yọ $80,000, $20,000 á kù, owó-orí rẹ á jẹ́ $4,200. Àdánù $40,000 ṣì wà lápò. Ní 2025 tí èrè di $150,000, o yọ $40,000 yẹn tán, o san owó-orí lórí $110,000, ìyẹn $23,100 dípò $31,500. Ro àǹfààní ọdún méjèèjì pọ̀: $16,800 àti $8,400, ó jẹ́ $25,200, èyí tí í ṣe ìdá 21 gan-an nínú $120,000 tí o pàdánù. Kò sí idán níbẹ̀. Owó tí ò bá ti gbà ní 2022 àti 2023, ká ní ìjọba máa ń pín nínú àdánù bó ṣe ń pín nínú èrè, ni wọ́n jẹ́ kí o rí gbà lẹ́yìn, láìsí èlé.

Kí ló dé tí ìjọba fi gbà bẹ́ẹ̀? Torí pé oṣù méjìlá jẹ́ òǹkà tí wọ́n fi ìwé ìṣirò ṣe, kì í ṣe ìrìn òwò. Mú oníṣòwò méjì wò. Ọ̀kan jèrè $50,000 lọ́dún kìíní, ó tún jèrè $50,000 lọ́dún kejì. Èkejì pàdánù $60,000 lọ́dún kìíní, ó wá jèrè $160,000 lọ́dún kejì. Lẹ́yìn ọdún méjì, $100,000 ló wọlé fún àwọn méjèèjì. Tí kò bá sí àǹfààní gbígbé àdánù síwájú, ẹni àkọ́kọ́ á san $21,000, ẹnì kejì á san $33,600. Ẹni tí òwò rẹ̀ ń dìde tó ń ṣubú ni wọ́n á máa jẹ níyà, òun náà ló sì sábà ń jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí ẹni tó ń ṣe òwò tó léwu. Nítorí èyí, láti òfin owó-orí 1918 ni Amẹ́ríkà ti ń fàyè gba lílo àdánù ọdún kan fún ọdún mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fa okùn náà gùn, wọ́n ń ké e kúrú.

Ìdá 80 yẹn wá ń kọ́? Kí n sọ ti ọkàn mi, n kò rí ìdájọ́ òdodo kan pàtó nínú rẹ̀. Owó ni ìjọba ń wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè báyìí ń lo títì, ó ń lo kóòtù, ó ń lo èbúté, wọn kò sì fẹ́ kó máa lọ ní ọ̀fẹ́ fún ọdún púpọ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ge ìdá 20 yẹn sọ́tọ̀, wọ́n fi nǹkan mìíràn san án: àdánù láti 2018 síwájú kì í kú mọ́. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ogún ọdún tí o kò bá tíì lò ó, ó ti lọ nìyẹn. Àdánù tó wá láti ṣáájú 2018 ṣì wà lábẹ́ òfin àtijọ́, ó lè pa gbogbo èrè rẹ́ ṣùgbọ́n ogún ọdún rẹ̀ ń ka lọ. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí àdánù fi ṣe pàtàkì. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àdánù báyìí báyìí wà nílé-iṣẹ́ òun, bi í pé ọdún wo ni.

Ó yá, bẹ́kárì. Mo mọ ìṣirò tó wà lọ́kàn ọ̀rẹ́ rẹ. Ìdá 21 nínú $400,000 jẹ́ $84,000. Ó ń ta $84,000 fún ọ ní $60,000, bẹ́kárì tún di ẹ̀nì. Ta ni kò ní sáré rà á?

Àwọn tó ti ronú bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọdé. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí owó-orí lórí èrè àjẹpọ̀jù ga gidigidi, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá òkú ilé-iṣẹ́ kiri láti rà, wọn kò fẹ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀, wọn kò fẹ́ oníbàárà rẹ̀, ìwé àdánù àti àǹfààní owó-orí rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nínú òfin owó-orí 1943 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ohun tó di abala 269 òfin owó-orí lónìí sí: tó bá jẹ́ pé torí àtisá fún owó-orí gan-an lo ṣe ra ilé-iṣẹ́ kan tí o fi gba àkóso rẹ̀, wọ́n lè gba àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ pátápátá. Wàhálà abala yẹn ni pé ìjọba gbọ́dọ̀ wá ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó rà á. Oníṣòwò wo ló máa jẹ́wọ́? Gbogbo wọn ló ní torí òwò ni.

Ní 1957 ni ẹjọ́ Libson Shops dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún tó ń ta aṣọ obìnrin, tó jẹ́ pé àwọn olówó kan náà ló ni wọ́n, ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọ̀kan ṣoṣo ní 1949. Mẹ́ta nínú wọn ti ń pàdánù kí wọ́n tó dà pọ̀, àdánù wọn lápapọ̀ jẹ́ $22,432.76. Ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n mọ́ra fẹ́ fi àdánù ìsọ̀ mẹ́ta yẹn yọ lára èrè àwọn yòókù. Ilé-ẹjọ́ kọ̀. Wọ́n ní òwò tó mú èrè wá kì í ṣe òwò kan náà tó pàdánù, àti pé àwọn ìsọ̀ mẹ́ta ọ̀hún ṣì ń pàdánù lẹ́yìn ìdàpọ̀ pàápàá. Wò ó dáadáa: ní ibí yìí, kò tilẹ̀ sí ẹni tó ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tó di 1986 ni wọ́n wá tún abala 382 kọ sí bó ṣe wà lónìí. Òun ló kan ìwọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó ṣáájú lọ, torí pé kò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nọ́ńbà ló ń bi. Ohun tó kọ́kọ́ ń wò ni bóyá ìpín tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ní ìdá 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé-iṣẹ́ náà ti fi ju ìdá 50 lọ sókè láàárín ọdún mẹ́ta. Ìwọ fẹ́ lọ láti òdo sí ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn, ilé-iṣẹ́ ti yí ọwọ́ padà.

Láti ọjọ́ yẹn, iye àdánù àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà lè lò lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí wọ́n rí nípa ìsọdipúpọ̀ yìí lọ: iye owó tí ìpín ilé-iṣẹ́ náà tó lọ́jọ́ tó kù díẹ̀ kí o rà á, lọ́nà ìwọ̀n èlé kan tí IRS, àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, ń tẹ̀ jáde lóṣooṣù. Ká fi ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Bẹ́kárì tó $60,000. Ìdá 3.5 nínú rẹ̀ jẹ́ $2,100. Òun nìyẹn. Ìdá 21 nínú $2,100 jẹ́ $441 lọ́dún. Tí o bá fẹ́ lo $400,000 tán bẹ́ẹ̀, yóò gbà ọ́ ní àádọ́wàá ọdún. Àdánù náà kì í kú, ṣùgbọ́n ìwọ ńkọ́?

Ìdí tí wọ́n fi mú ìwọ̀n yẹn wù mí láti sọ, torí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n òfin náà fara pamọ́ sí. Fi ara rẹ sípò ọ̀rẹ́ rẹ. Ká ní kò tà á fún ọ. Ó pa ààrò, ó ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, ó rí $60,000, ó sì fi owó náà ra bọ́ǹdì ìjọba nínú ilé-iṣẹ́ kan náà. Bọ́ǹdì á máa mú nǹkan bí $2,100 wọlé lọ́dún. Àdánù àtijọ́ ọ̀hún á bo $2,100 yẹn, kò lè bo ju ìyẹn lọ, torí pé kò sí èrè mìíràn. Ohun tí abala 382 wá ń sọ fún ọ ni pé, lọ́wọ́ rẹ, àdánù náà kò gbọ́dọ̀ níye lórí ju bó ṣe níye lórí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ta á, rà á, owó-orí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń ti ẹnikẹ́ni sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ti pàdánù púpọ̀ tí kò sì tó nǹkan mọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń fi tan ènìyàn, òun gan-an ni ìwọ̀n yìí fún lọ́rùn jù. Ilé-iṣẹ́ tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là tó sì ní àdánù $400,000 á rí $350,000 lò lọ́dún kan. Ṣé o rí i? Òwò gidi ló ń gbé àdánù lẹ́yìn kọjá afárá.

Pàkúté kan tún wà tó burú ju $441 lọ. Òfin ní fún ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá rà á, òwò bẹ́kárì náà gbọ́dọ̀ máa lọ, tàbí kí o máa lo apá tó nítumọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀ fún òwò. Tí o bá tì í pa lóṣù kẹwàá, tí o sọ ibẹ̀ di ibi tí ò ń kó gàrí sí, ìwọ̀n ọdọọdún náà di òdo, kì í ṣe láti oṣù kẹwàá o, láti ọjọ́ tí o rà á ni. Ohun tí o ti yọ tẹ́lẹ̀, wàá dá a padà tèlé-tèlé. O sì sọ pé bẹ́kárì náà kò rọ́wọ́ mú. Ṣé wàá wá máa pàdánù $3,000 lóṣù nínú búrẹ́dì nítorí $441 lọ́dún?

Mo mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n kan á gbà ọ́ nímọ̀ràn nísinsìnyí. Ó lè ní kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ́kọ́ da $500,000 sínú bẹ́kárì kí o tó rà á, kí iye rẹ̀ lè ga, kí ìwọ̀n náà lè gbòòrò. Àwọn aṣòfin ti ro ìyẹn: owó tí wọ́n bá fi kún un nítorí kí ìwọ̀n lè ga, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ó lè ní kí o ra ìdá 45 péré. Lóòótọ́ ìyẹn nìkan kò kọjá ìdá 50, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 80 nínú bẹ́kárì kí ẹ tó lè da ìṣirò owó-orí yín pọ̀, nítorí náà àdánù rẹ̀ kò ní débi èrè rẹ rárá. Ó lè ní kí o ra ààrò àti ẹ̀rọ rẹ̀, kí o fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ. Ìyẹn mọ́gbọ́n dání tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lo fẹ́, àmọ́ àdánù ò ní bá ẹ̀rọ lọ. Inú ilé-iṣẹ́ ló ń gbé.

Mo sì ń rò ó pé $400,000 yẹn fúnra rẹ̀ lè má pé. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni fọ́ọ̀mù owó-orí. Tí bẹ́kárì bá jẹ́ oníru C, Form 1120 ló ń fi sílẹ̀, ìlà 12 nínú Schedule K sì ni wọ́n ń kọ àdánù tó ṣẹ́kù láti ọdún àtẹ̀yìnwá sí. Tó bá jẹ́ Form 1120-S ni wọ́n gbé fún ọ, ọ̀rọ̀ ti parí: irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jú àdánù sínú ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀ ló ń kọjá sí, sínú fọ́ọ̀mù owó-orí tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ti lè lò ó tán nílé láìfura.

Ka gbèsè rẹ̀ náà. Bẹ́kárì tó pàdánù $400,000, ó dájú pé ó jẹ ẹnìkan lówó. Tí ilé-ìfowópamọ́ tàbí oníyẹ̀fun bá ti dárí gbèsè $150,000 jì í nígbà tí gbèsè rẹ̀ ju ohun ìní rẹ̀ lọ, wọn kì í gba owó-orí lórí ìdáríjì yẹn, ṣùgbọ́n àdánù tó ń gbé síwájú á dín kù ní iye kan náà. $250,000 ló kù nìyẹn, ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wò sì lè má tíì yí padà.

Ti kòrónà náà ń kọ́? Òfin oṣù Kẹta 2020 jẹ́ kí àdánù ọdún 2018 sí 2020 padà sẹ́yìn fún ọdún márùn-ún. Àwọn ènìyàn gbàgbé pé kì í ṣe pé o lè gbé e padà nìkan, ó máa padà fúnra rẹ̀ àyàfi tí o bá kọ̀wé pé o kò fẹ́. Tí bẹ́kárì bá ti jèrè ní 2015 tàbí 2016, tí kò sì kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, òfin ti ka àdánù ọ̀hún sí ohun tí wọ́n ti lò síbẹ̀, yálà wọ́n gba owó padà tàbí wọn kò gbà á. Èyí tí ó tilẹ̀ ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu jù ni pé àyẹ̀wò ọdún àdánù kì í tán. Lọ́dún tí o bá lò ó, IRS lè sọ pé kí o fi rìsíìtì 2019 hàn wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2019 fúnra rẹ̀ ti kọjá ohun tí wọ́n lè béèrè owó-orí lé lórí. Ẹni tí kò ní rìsíìtì, àdánù rẹ̀ di ìtàn.

N kò ní sọ pé abala 382 kò ní àlébù. Ó ń pa àwọn tí kò yẹ kó pa lára. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá ilé-iṣẹ́ oògùn sílẹ̀, tí wọ́n ń ná owó ìwádìí fún ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó rí èrè, máa ń gba olùdókòwò tuntun wọlé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpín á kọjá ìdá 50 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta ilé-iṣẹ́, wọ́n á sì fún àdánù tó jẹ́ ti wọn gan-an lọ́rùn. Ẹni tí òfin ń lé ni ẹni tó ń ra ìwé òfìfo. Ẹni tó ń gbá lójú ọ̀nà ni ẹni tó ń wá owó ìdókòwò. Ìwọ náà fi èyí sọ́kàn tó bá jẹ́ pé o ṣì ní àdánù tìrẹ tí o ń gbé rìn, tí ẹ̀gbọ́n kan sì ní òun fẹ́ ra ìdá 60 nínú ilé-iṣẹ́ rẹ.

Nípa bẹ́kárì, bi ara rẹ bóyá o fẹ́ ṣe búrẹ́dì. Tí o bá fẹ́, wo iye tí ààrò, ibùdó àti oníbàárà rẹ̀ tó, sanwó lórí ìyẹn, kí o sì lè fi $2,000 tàbí $3,000 kún un fún àdánù náà, torí pé $441 lọ́dún fún ọdún díẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní $60,000 ni jálẹ̀, ní kó kó Form 1120 ọdún mẹ́fà àti ìwé gbogbo gbèsè tí wọ́n dárí jì í wá kí o tó dáhùn.